Bí Àmì Ìgbì Ṣe Ń Parẹ́ Lára Mólékù

Ní ọdún 1999, ní Yunifásítì Vienna lórílẹ̀-èdè Austria, Anton Zeilinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé odidi mólékù, tí 60 átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù so pọ̀ bíi bọ́ọ̀lù, lè ṣe bí ìgbì. Ó lè gba ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ nígbà kan náà, kí àwọn ọ̀nà náà sì tún pàdé: wọn a gbe ara wọn lẹ́sẹ̀ níbì kan, wọn a pa ara wọn rẹ́ níbòmíràn. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé èyí ló jẹ mí lógún jù. Kí ló dé tí a kì í rí irú rẹ̀ lára òkúta, tàbí lára ẹyọ yanrìn pàápàá?

H. Dieter Zeh, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti fèsì sí i láti ọdún 1970: kò sí ohun ńlá kan tó dá wà. Afẹ́fẹ́ ń kọlù ú, ìmọ́lẹ̀ ń tàn sí i, òun náà ń tú ooru jáde. Ohunkóhun tó bá sì ti ara rẹ̀ kúrò ń gbé ìròyìn ibi tó wà lọ. Wọ́n ní ògiri létí. Afẹ́fẹ́ náà létí. Ohun tí mo fi ń yin àwọn ará Vienna ni pé wọn ò gba èrò yìí gbọ́ lásán, ńṣe ni wọ́n wọ̀n ọ́n.

Ní 2003, Klaus Hornberger, Markus Arndt àti àwọn yòókù wọn lo mólékù tó ní 70 átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù. Wọ́n mú ìyẹ̀fun rẹ̀ gbóná nínú ààrò títí àwọn mólékù fi ń fò jáde, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n gba inú àgbá tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán kọjá. Pẹlẹbẹ wúrà mẹ́ta dúró lójú ọ̀nà wọn, ó ní ojú tóóró-tóóró lára, ojú kan sí èkejì kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà. Pẹlẹbẹ kẹta ni wọ́n ń rọra sún sí ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n ṣe ń sún un, iye mólékù tí wọ́n ń kà lẹ́yìn rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Àmì ìgbì náà nìyẹn.

Ká ní òkè rẹ̀ jẹ́ 140, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 60. Ó ń fi 40 yà sókè, ó ń fi 40 yà sílẹ̀ lórí 100. Bẹ́ẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nígbà tí àgbá ṣófo dáadáa. Wọ́n wá tú gáàsì mẹ́tẹ́ènì díẹ̀ sínú rẹ̀. Nígbà tí gáàsì náà tó nǹkan bí ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́ tí à ń mí, 40 yẹn ti di nǹkan bí 15. Bí ìwọ̀n gáàsì bá di ìlọ́po méjì, ó ku nǹkan bí 5. Ìlọ́po mẹ́ta, ó ku 2. Mólékù tí gáàsì kò kàn rárá nìkan ló ṣì ń fi ìgbì hàn, iye irú wọn sì ń já wálẹ̀ báyìí bí gáàsì ti ń pọ̀. Ìjáwálẹ̀ yìí la fi ń mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń gbọ̀n. Ìgbọ̀n ẹ̀rọ lè ba àmì náà jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í tẹ̀ lé ìwọ̀n gáàsì.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìkọlù ló kàn ti mólékù dànù lójú ọ̀nà. Lójú tèmi, àlàyé yẹn kò kún tó. Ní 2004, Lucia Hackermüller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi lésà mú mólékù kan náà gbóná kó tó wọ àárín àwọn pẹlẹbẹ. Nígbà tí ooru rẹ̀ ṣì mọ níwọ̀n, ìmọ́lẹ̀ tó ń tú jáde ní ìgbì tó gùn gan-an ju àlàfo tó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì lọ, kò lè fi ọ̀nà tí mólékù gbà hàn. Àmì ìgbì wà síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú un gbóná kọjá 2,000 ìwọ̀n Kelvin, ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kúrú, ìmọ́lẹ̀ náà sì pọ̀ sí i, àmì náà bá parẹ́. Kò sí gáàsì tó kọlù ú. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ara òun fúnra rẹ̀ jáde ló tú àṣírí rẹ̀, kò sì pọn dandan kí ẹnikẹ́ni wo ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún.

Síbẹ̀, kí a má ṣe sọ pé ìgbì ti kú. Ohun tó so ọ̀nà méjèèjì pọ̀ ti ràn dé ara gáàsì àti ìmọ́lẹ̀ tó ń sá lọ, kò sì sẹ́ni tó lè kó wọn jọ padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń takò àwọn tó ní àlàyé yìí ti parí gbogbo ọ̀rọ̀ kúántọ́ọ̀mù. Ó sọ fún wa ìdí tí ọ̀nà méjèèjì kì í fi í bá ara wọn pàdé mọ́. Kò sọ ìdí tó fi jẹ́ pé èsì kan pàtó, kì í ṣe èkejì, la rí lójú ẹ̀rọ.

Ní 2019, wọ́n rí ìgòkè-ìsọ̀kalẹ̀ kan náà lára mólékù tó ní nǹkan bí 2,000 átọ́ọ̀mù, nínú ẹ̀rọ tó gùn tó mítà méjì. Bí mólékù bá ṣe wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe nílò ìrìn tó gùn kí ìgbì rẹ̀ tó hàn. Bí ìrìn náà bá sì ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni gáàsì àti ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ráyè sí i lára rẹ̀.