Ta Ni "Máànù" Inú Ìwé Òfin?

Nínú èdè wa, alága lè jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni panápaná àti ọmọ aráyé. Ìgbà tí a bá kọ ìlànà ẹgbẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ni a ń di oní-ṣíámáànù, fáyámáànù àti mánkáíǹdì. Àwọn kan nínú wa a máa sọ pé kò sí láìfí, pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin kó obìnrin mọ́ra.

Ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dán èyí wò. Lọ́dún 1850, wọ́n ṣòfin pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nínú òfin kó obìnrin mọ́ra, àyàfi bí òfin náà bá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1867, òfin ìbò tuntun fún gbogbo "máànù" tó kúnjú ìwọ̀n láṣẹ láti dìbò. Obìnrin tó lé ní 5,000 ní Máńṣẹ́sítà, tí wọ́n ń san owó orí ilé wọn, bá béèrè ẹ̀tọ́ yìí. Ní 1868, ilé ẹjọ́ ní rárá: ọkùnrin nìkan ni "máànù" náà. Owó orí mọ̀ wọ́n, ìbò kò mọ̀ wọ́n. Ó di 1918 kí àwọn obìnrin kan tó ti pé 30 ọdún tó dìbò yan aṣòfin.

Ní 2007, ìjọba ibẹ̀ kéde pé àwọn tó ń kọ àbádòfin yóò yẹra fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa náà kọ ṣíà, fáyáfáítà àti họ́mánkáíǹdì, kí ìtumọ̀ má baà wà lọ́wọ́ adájọ́.