Ìwé Àdéhùn Iṣẹ́

Ìwé àdéhùn iṣẹ́ ni ilé-iṣẹ́ ìjọba fi ń sọ iṣẹ́ tí yóò ṣe fún ará ìlú, ọjọ́ tí yóò parí, iye owó rẹ̀, àti ibi tí a ó ti fẹjọ́ sùn. Ní Nàìjíríà, ètò Sẹ́fíkọ́ọ̀mù ló gbé e kalẹ̀ ní 2004.

Ní 2021, ìjọba kéde ọ̀sẹ̀ 6 fún ìwé ìrìnnà tuntun àti ọ̀sẹ̀ 3 fún àtúnṣe rẹ̀. Bí irú gbèdéke bẹ́ẹ̀ bá kọjá, ẹ kọ lẹ́tà tó ní déètì, ẹ fi ẹ̀dà rìsíìtì tì í, ẹ fún òṣìṣẹ́ Sẹ́fíkọ́ọ̀mù tó wà ní ilé-iṣẹ́ ìjọba náà. Bí kò bá fèsì, ẹ kọ̀wé sí olú ilé-iṣẹ́ Sẹ́fíkọ́ọ̀mù ní Àbújá.

Ìlérí ni ìwé àdéhùn iṣẹ́, kì í ṣe òfin. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ rìsíìtì nù.