Ojú Tí Kò Sí Nínú Ìwé: Bí Èdè Ẹnu Ṣe Ń Wọ Àròkọ Akẹ́kọ̀ọ́

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ Yorùbá a máa fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ọ̀rọ̀ tí wọn kò gbọ́dọ̀ lò nínú àròkọ: àbí, jàre, ṣebí, ṣé ẹ rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ há wọn sórí, síbẹ̀ àròkọ rẹ̀ a tún máa dún bí ẹni tí ó ń tàkúrọ̀sọ ní ìta. Èrò mi ni pé orísun àṣìṣe náà kò sí nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ohun tí ó ń fà á ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ̀wé bí ẹni pé òǹkàwé jókòó níwájú rẹ̀.

Mo ṣe àpẹẹrẹ yìí láti inú àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀. Ká ní ọmọ iléèwé girama kan ní Ìdó-Ọ̀ṣun ń kọ àròkọ alárìíyànjiyàn lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, tí ó sì kọ báyìí:

“Ṣé ẹ rí i, ọ̀nà tó lọ sóko yẹn, wọn ò tíì tún un ṣe. Tójò bá rọ̀, àwọn àgbẹ̀ ò ní lè kó ẹ̀gẹ́ wọn jáde o. Àbí kí ni wọ́n fẹ́ jẹ?”

Bí a bá fa ìlà sábẹ́ “ṣé ẹ rí i,” “o” àti “àbí” nìkan, iṣẹ́ kò tíì parí. “Yẹn” ṣì wà níbẹ̀, ìka ni ó sì ń nà sí nǹkan tí òǹkàwé kò rí. “Wọn” náà ṣì wà níbẹ̀: ta ni wọ́n? Lójúkojú, gbogbo wa mọ ẹni tí à ń bá wí. Lórí ìwé, ó di dandan kí a dárúkọ rẹ̀. Ẹ tún wo bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe kọ́kọ́ gbé “ọ̀nà tó lọ sóko yẹn” síwájú, tí ó wá fi “un” rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn. Bí a ṣe ń pe àkíyèsí ẹni tí ó wà nítòsí nìyẹn kí a tó sọ ọ̀rọ̀ fún un.

Ìbéèrè ìkẹyìn ni ó ṣe pàtàkì jù. Àríyànjiyàn gidi ni ó bò mọ́lẹ̀: bí ẹ̀gẹ́ kò bá dé ọjà, àgbẹ̀ kò ní rí owó. Nígbà tí à ń sọ̀rọ̀, ojú àti ohùn máa ń parí èrò náà fún wa. Nínú àròkọ, ẹni tí ó bi ìbéèrè láì dáhùn kò tíì jiyàn.

Àtúnkọ rẹ̀ nìyí: “Ìjọba kò tíì tún ọ̀nà tí ó lọ sí oko wa ní Ìdó-Ọ̀ṣun ṣe. Bí òjò bá rọ̀, àwọn àgbẹ̀ kì í lè kó ẹ̀gẹ́ wọn jáde. Ẹ̀gẹ́ tí kò bá dé ọjà kò lè mú owó wá fún wọn.”

Nínú àtúnkọ yìí, “tó” di “tí ó,” “ò” di “kò,” “tójò bá” sì di “bí òjò bá.” Ìdí wà fún èyí tí ó ju ìwà ọmọlúàbí lọ. “O” lè jẹ́ ìwọ. “Ó” lè tọ́ka sí ẹlòmíràn. “Ò” lè jẹ́ ìyísódì. “O” ìparí gbólóhùn a sì máa tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀. Ohùn àti ipò wọn nínú gbólóhùn ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé àmì ohùn nínú ìdánwò, gbogbo wọn di ọ̀kan. “Kò” kì í jẹ́ kí a ṣi ìtumọ̀ mú.

Ṣùgbọ́n kí a má tú gbogbo ìsúnkì. “Ṣiṣẹ́,” “jẹun” àti “nínú” ti di ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀. Ẹni tí ó bá tú wọn palẹ̀ kàn ń ba èdè jẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má fi ẹ̀ka-èdè pe èdè ẹnu. Ìjẹ̀ṣà tí ó bá kọ “ulé” dípò “ilé” kò tàkúrọ̀sọ: àgbà lè fi “ulé” sọ ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù lọ. Èdè àjùmọ̀lò ni a ó fi tún èyí ṣe, kì í ṣe òfin ìtàkúrọ̀sọ. Nínú àròkọ onísọ̀rọ̀ǹgbèsì àti lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀ pàápàá, “àbí” àti “jàre” wà ní àyè wọn, nítorí ojú wà níbẹ̀ tí à ń bá sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, dípò kí olùkọ́ pín àkójọ ọ̀rọ̀, kí ó bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: Ta ni ò ń pè? Kí ni ò ń na ìka sí? Èwo ni o fi sílẹ̀ kí ojú rẹ parí fún ọ? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dáhùn wọn yóò rí “àbí” fúnra rẹ̀, yóò sì rí èrò tí ó sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.