Bọ́ọ̀lù, Súkúù àti Tẹlifóònù: Ìtàn Àkọtọ́ Ọ̀rọ̀ Àyálò láti inú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Olùwádìí tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ náà bọ́ọ̀lù nínú ìwé Yorùbá tí a tẹ̀ ṣáájú ọdún 1966 lè wá a títí kí ó má rí i, kí ó sì parí rẹ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì wọ èdè nígbà náà. Àṣìṣe ni èyí lè jẹ́, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ wà lójú ìwé, kí àkọtọ́ rẹ̀ sì yàtọ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó fi hàn pé ìpinnu oríṣiríṣi ni ó para pọ̀ di àkọtọ́ ọ̀rọ̀ àyálò, àti pé ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba.

Ìpinnu àkọ́kọ́ ti ẹnu àwọn elédè wá, kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí ó ṣe é. Sílébù Yorùbá kì í gba ìsùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, kọ́ńsónáǹtì kì í sì í parí rẹ̀. Nítorí náà, nínú súkúù, a fi fáwẹ̀lì ú la àárín s àti k, kí ó lè bá fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀ lé e mu. Nínú kíláàsì, í ni a fi ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ọ̀rọ̀, ù ni ó sábà máa ń wọlé bí kọ́ńsónáǹtì afètèpè tàbí fáwẹ̀lì roboto bá ṣáájú, bí a ti rí i nínú páìpù, kóòtù àti bọ́ọ̀lù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ì ni a sábà máa ń rí, bí i ti bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀nà mìíràn ni kí a pa kọ́ńsónáǹtì ìparí jẹ pátápátá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí l nínú súkúù nìyí, nígbà tí bọ́ọ̀lù dá tirẹ̀ sí.

Ìpinnu kejì jẹ mọ́ fáwẹ̀lì gígùn, ti àwọn ìgbìmọ̀ sì ni. Lẹ́yìn ìpàdé tí àwọn oníṣẹ́ ìhìnrere ṣe ní Èkó ní ọdún 1875, nínú èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther kópa, àkọtọ́ tí ó tàn kálẹ̀ nínú ìwé ìjọ àti ti ilé-ẹ̀kọ́ máa ń fi àmì kan lé orí fáwẹ̀lì kan ṣoṣo láti dúró fún méjì: ãfin ni wọ́n ń kọ fún ààfin, õrùn fún oòrùn. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ìlànà yìí yóò kọ bọ̃lu; ẹni tí kò bá sì bìkítà fún àmì yóò kọ bọlu lásán. Ìgbìmọ̀ àkọtọ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní ọdún 1966 dábàá pé kí a kọ fáwẹ̀lì gígùn ní ẹ̀ẹ̀mejì, àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí jákèjádò orílẹ̀-èdè ní ọdún 1974 sì fi ìdí èyí múlẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ hàn kedere nínú bọ́ọ̀lù. Ohùn òkè wà lórí ọ́, ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí ọ̀. Bí a bá kọ bọ́lù, òǹkàwé yóò pe sílébù méjì péré, ohùn ìsàlẹ̀ tí ó yẹ kí ó wà láàárín kò sì ní ríbi dúró sí.

Síbẹ̀, àtúnṣe yìí kò yanjú gbogbo nǹkan, pàápàá n ìparí ọ̀rọ̀. Nínú tẹlifóònù, a fi ù tì í lẹ́yìn, ó sì di sílébù tuntun. Nínú tẹlifíṣọ̀n, n kan náà kò gba fáwẹ̀lì kankan. Ó kàn sọ fáwẹ̀lì tí ó ṣáájú rẹ̀ di àránmúpè. Níbí ni ìṣòro mìíràn ti yọjú. Ìlànà àkọtọ́ ni pé kí a kọ ọn lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì afètèpè, bí i nínú ìbọn àti àwọn, kí a sì kọ an lẹ́yìn àwọn yòókù, bí i nínú ìtàn àti ẹran. Nígbà tí ṣ kì í ṣe afètèpè, tẹlifíṣàn ni ìlànà ń béèrè. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ni ó ti mọ́ àwọn òǹkọ̀wé lára, ó jọ pé nítorí pé lẹ́tà o wà nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Etí ni ó darí tẹlifóònù. Ojú ni ó darí ìparí tẹlifíṣọ̀n.

Ní ìkádìí, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ àyálò kan kọ́kọ́ hàn nínú ìwé gbọ́dọ̀ wá bọlu, bọ́lù àti bọ̃lu pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, kí ó tó sọ pé kò sí. Bákan náà, ẹni tí ó ń tún ìwé àtijọ́ tẹ̀ kò gbọdọ̀ fi àkọtọ́ 1974 pa ti ìṣáájú rẹ́ láìsọ fún òǹkàwé. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí tí ó yẹ kí a fi mọ ìgbà tí a kọ ìwé náà ni ó parẹ́.