Ẹ̀dínwó àti ẹ̀lékún lórí bọ́ǹdì

Bọ́ǹdì ni ìwé tí ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ fi ń yá owó. Àwọn kan tí ilé-iṣẹ́ ń tà ni wọ́n ń pè ní dẹ̀bẹ́ńṣọ̀. Iye tí wọn yóò dá padà àti èlé tí wọn yóò máa san ti wà lójú ìwé. Èlé tí ọjà ń béèrè ló ń yí padà. Bí èlé ojú ìwé bá kéré sí ti ọjà, olówó kò ní san iye ojú ìwé. Iye tó fi dín ni ẹ̀dínwó. Bó bá ju ti ọjà lọ, olùrà yóò fi owó lé e: ẹ̀lékún nìyẹn. Méjèèjì lè ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bá tún gbé bọ́ǹdì àtijọ́ síta fún títà, torí èlé rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pín in

Ẹ̀dínwó kì í ṣe àdánù ọjọ́ kan. Èlé ni, àmọ́ ọjọ́ ìsanpadà ni wọn yóò tó san án, nítorí náà gbogbo ọdún tí gbèsè fi wà ni wọ́n ń pín in sí.

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ta bọ́ǹdì ọlọ́dún mẹ́ta tí iye ojú rẹ̀ jẹ́ N1,000,000, èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ọjà sì ń béèrè ìdá 12. N951,963 ni yóò rí gbà. Ẹ̀dínwó jẹ́ N48,037. Ní ìparí ọdún kìn-ín-ní, ìdá 12 lórí owó tó gbà jẹ́ N114,236, ìyẹn sì ni ìnáwó èlé ọdún náà. N100,000 péré ló san jáde, nítorí náà N14,236 tó kù yóò kún gbèsè, tí yóò fi di N966,199. Orí iye tuntun yìí ni wọn yóò ti ṣírò èlé ọdún kejì. N15,944 ni yóò kún un lọ́dún náà, N17,857 lọ́dún kẹta, gbèsè yóò sì pé N1,000,000 géérégé. Bí kò bá pé bẹ́ẹ̀, kí oníṣirò padà lọ wo iṣẹ́ rẹ̀. Òdìkejì èyí ni ti ẹ̀lékún: gbèsè ni yóò máa dín kù.

Àwọn mìíràn ń pín ẹ̀dínwó lọ́gbọọgba, nǹkan bí N16,012 lọ́dún. Ó rọrùn, àmọ́ gbèsè ń pọ̀ sí i nígbà tí ìnáwó rẹ̀ dúró sójú kan, bí ẹni pé owó náà ń dín ní èlé. Ìlànà àgbáyé IFRS 9, tí Nàìjíríà ń lò, kò fara mọ́ ọn. Amẹ́ríkà gbà á bí ìyàtọ̀ náà kò bá tó nǹkan.

Ìtàn

Nígbà kan rí ní Amẹ́ríkà, ẹ̀gbẹ́ ohun-ìní ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń kọ ẹ̀dínwó sí. William Paton ti Yunifásítì Míṣígànì wà lára àwọn tó takò ó: owó tí ẹnìkan kò gbà rí kò lè di ohun-ìní rẹ̀. A kò lè sọ pé àìmọ̀kan pátápátá ni ti àwọn tó ń ṣe é, torí wọ́n rí i bí èlé tí a ti san ṣáájú. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ti Paton ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Lọ́dún 1971 ni ìgbìmọ̀ ìlànà ìṣirò wọn pàṣẹ pé kí wọ́n máa yọ ọ́ tààrà lára gbèsè. Owó tí wọ́n ná láti ta bọ́ǹdì ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ ohun-ìní títí di ọdún 2015, kí ìlànà tuntun tó ní kí wọ́n yọ òun náà lára gbèsè.