First Name kì í ṣe orúkọ tí ẹ kọ́kọ́ ń kọ: bí ẹ ṣe lè to orúkọ sórí fọ́ọ̀mù òkè òkun

Nílé ẹ̀kọ́ nílẹ̀ wa, orúkọ bàbá la máa ń kọ́kọ́ kọ. Tíṣà á pe "Adébáyọ̀ Olúwaṣeun Michael", ọmọ á sì dáhùn. Àṣà yìí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú nídìí fọ́ọ̀mù físà tàbí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Wọ́n á rí First Name, wọ́n á ní orúkọ tó ṣáájú nìyẹn, wọ́n á wá tẹ Adebayo síbẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ o. First Name ni orúkọ tí wọ́n sọ yín gan-an. Surname, Last Name àti Family Name, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: orúkọ ìdílé, ìyẹn orúkọ bàbá tàbí ti ọkọ. Ibi yòówù tí ẹ máa ń kọ ọ́ sí nílé, ibẹ̀ ló ń lọ.

Middle Name ńkọ́? Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò ní àyè fún un. Surname àti Given Names ló wà níbẹ̀, gbogbo orúkọ tó kù ló sì ń wọ inú Given Names. Bí fọ́ọ̀mù bá ní àyè méjì péré, bíi DS-160 tí wọ́n fi ń tọrọ físà Amẹ́ríkà, ẹ kọ OLUWASEUN MICHAEL pọ̀ sí Given Names. Bó bá ní Middle Name lọ́tọ̀, Oluwaseun á lọ sí First Name, Michael á lọ sí Middle Name.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ surname yín lójú ẹ̀rọ, ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ewé tí fọ́tò yín wà nínú ìwé ìrìnnà. Ìlà àkọ́kọ́ á rí báyìí:

```
P<NGAADEBAYO<<OLUWASEUN<MICHAEL<<<<<<<<<<<<<
```

NGA dúró fún Nàìjíríà, kì í ṣe ara orúkọ. Èyí tó tẹ̀ lé e, títí dé ibi tí àmì méjì ti pàdé, ni surname. Àwọn tó kù ni given names. Kò sí àmì ohùn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ṣ ti di S. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, kódà bó bá jẹ́ pé wọ́n ti gbé orúkọ fún ara wọn nínú ìwé ìrìnnà náà. Àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ tún ìwé náà ṣe. Bí tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé ìrìnnà kò bá bára mu, wọ́n lè má jẹ́ kẹ́ ẹ wọ bàálù.

Ó ku Other Names. Lórí fọ́ọ̀mù tiwa, gbogbo orúkọ tí kì í ṣe surname ni. Ṣùgbọ́n tí DS-160 bá béèrè bóyá ẹ ti lo other names rí, orúkọ mìíràn tí ẹ ti jẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ń béèrè. Ìyàwó ilé tó ń jẹ́ Ògúnládé kó tó di Adébáyọ̀ á dáhùn Yes, á sì kọ Ogunlade. Michael kò ní í ṣe pẹ̀lú ìbéèrè yẹn, ó ti wà nínú Given Names.