Tẹ́tẹ́ Tí A Kò Ta, Báwo La Ṣe Jẹ Ẹ́?

Ní Disẹ́ńbà 2012, ìyá kan nínú ìjọ wa ní Ṣakí gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi nílé. Ó ní òun fẹ́ jẹ́rìí lọ́jọ́ Sunday. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló wọlé sí i pé nọ́mbà rẹ̀ ti jẹ mílíọ̀nù kan náírà, kó pe nọ́mbà kan, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti pè wọ́n. Wọ́n ní kó ra káàdì ìpè 1,500 náírà mẹ́rin, kó họ wọ́n, kó ka nọ́mbà inú wọn kí wọ́n lè fi tú owó náà sílẹ̀. Ó ti ka méjì. Owó iṣu ni o.

Ẹ má tíì bú u. Àwọn bàbá wa tó ń ta púùlù máa ń kọ nọ́mbà sínú ìwé, wọ́n á sanwó, ẹ̀dà kan á sì wà lọ́wọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Baba Ìjẹ̀bú. Ẹni tí kò ní ìwé, kò lówó tó fẹ́ gbà. Ìgbà tí GSM dé ní 2001 ni nǹkan yí padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù bẹ̀rẹ̀ ìdíje tó jẹ́ pé bí o bá ti lo káàdì, o ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ní 2012 kan náà, MTN fi odindi ọkọ̀ òfuurufú ṣe ẹ̀bùn! Ta ló tún máa wá ya ẹnu sí mílíọ̀nù kan? Ibi tí ìwé ti kúrò lọ́wọ́ wa gan-an ni olè gbà wọlé.

Ohun tí èmi náà ò mọ̀ lọ́jọ́ náà ni pé NCC ti fòfin de gbogbo irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ní Nofẹ́ńbà. Nọ́mbà oní-mọ́kànlá bíi tèmi tìrẹ ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà ti wá. Mo pe ọkùnrin náà, mo ní ìdíje wo ni, ọjọ́ wo ni ìyá yìí wọ̀ ọ́? Ó bú mi, ó pa fóònù. A wá pe nọ́mbà ilé iṣẹ́ náà gan-an, èyí tó wà lára páálí SIM, a ò pe ti inú àtẹ̀jíṣẹ́. Ọmọbìnrin tó gbé e ní kò sí ẹ̀bùn kankan lórí nọ́mbà ìyá. Káàdì méjì tó ti kà, ẹnì kan ti lò ó tán. Kò sí bí a ṣe lè gbà á padà.

Láti 2023, 300 ni nọ́mbà ìrànlọ́wọ́ gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ má wo orúkọ tó bá hàn lókè àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan, nítorí olè lè kọ orúkọ ilé iṣẹ́ síbẹ̀. Káàdì kọ́ ni wọ́n sì ń béèrè mọ́ báyìí, OTP ni, nọ́mbà tí báǹkì fi ránṣẹ́ sí ọ. Kọ́kọ́rọ́ àpò owó rẹ nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ fún ọ lówó kò nílò rẹ̀.

Ìyá wa ò jẹ́rìí lọ́jọ́ Sunday náà. Káàdì méjì tó ṣẹ́kù, tí kò tíì họ, ó fi ń pe ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn títí wọ Jánúárì.